Lẹ́tà Àfikún Owó tí Mísíìsì Ọ̀ṣínúbi Kà Fúnra Rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú obìnrin tí Mísíìsì Adéníkẹ́ Ọ̀ṣínúbi jẹ́, kó lọ wò ó níbi tó ti ń kọ lẹ́tà. Ó lè lo odidi ọ̀sán lórí gbólóhùn kan, kó tún pa á rẹ́ kó tó jẹun alẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 1975, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló lò lórí lẹ́tà kan ṣoṣo. Ohun tó fẹ́ sọ nínú rẹ̀ kò ju pé owó ilé-ìwé yóò kúrò ní ogún náírà, yóò di náírà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, bẹ̀rẹ̀ láti tààmù tó ń bọ̀ lẹ́yìn Àjíǹde. Ẹlòmíràn ì bá ti kọ ọ́ sára pátákó kó gbé e kọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ilé-ìwé náà wà ní Ẹnu Ọ̀wá ní Ìsàlẹ̀ Èkó, nínú ilé alájà kan tí igi fèrèsé rẹ̀ ti gbó. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́rìnlélọ́gọ́fà ló ń kọ́ iṣẹ́ akọ̀wé níbẹ̀: títẹ ìwé lórí ẹ̀rọ, kíkọ ìwé owó, àti Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n á fi ríṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn òyìnbó ní Màrínà. Mísíìsì Ọ̀ṣínúbi ló dá a sílẹ̀, òun ni ọ̀gá rẹ̀, yàrá méjì tó wà lẹ́yìn lókè ló sì ń gbé. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́fà. Kò bímọ. Bí akólẹ́tà bá yà sí ilé náà, lẹ́tà ilé-iṣẹ́ mànàmáná ló mú wá, tàbí ti onílé tó ń béèrè owó rẹ̀.

Ohun tó fa àfikún náà kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni l'Ékòó nígbà náà. Ìjọba ti san owó Údójì fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n fi kún owó oṣù wọn, wọ́n sì san èyí tó ti ṣẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ìgboro gbọ́ ariwo rẹ̀. Àwọn tíṣà mẹ́fà tó wà lọ́dọ̀ Mísíìsì Ọ̀ṣínúbi náà gbọ́. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún un, wọ́n wá bá a ní méjì méjì, wọ́n ní àwọn fẹ́ràn ilé-ìwé yìí ṣùgbọ́n àwọn náà ń san owó ilé. Méjì nínú wọn ti kọ ìwé sílẹ̀ pé bí Àjíǹde bá kọjá tí nǹkan kò yí padà, àwọn ń lọ sí ilé-ìwé ìjọba. Ó lọ sí ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, ó fi ìwé ìṣirò rẹ̀ hàn wọ́n, wọ́n sì fún un láṣẹ láti fi náírà mẹ́fà lé e. Nítorí náà, kì í ṣe pé kò lẹ́tọ̀ọ́.

Kí ló wá ń bà á lẹ́rù? Kì í ṣe owó. Àga gbọọrọ tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé ló ń bà á lẹ́rù.

Lójoojúmọ́, bí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé tán, bí agogo mẹ́rin bá ti lù, àwọn obìnrin àdúgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í dé pẹ̀lú lẹ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ìró. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ìyá àwọn ọmọ tó ń kọ́. Wọ́n á jókòó lórí àga gbọọrọ yẹn, Mísíìsì Ọ̀ṣínúbi á wọ gíláàsì rẹ̀, á sì máa ka lẹ́tà wọn fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì bá wọn kọ èsì. Kò gba kọ́bọ̀. Àwọn ọmọ wọn mọ̀wé o, ṣùgbọ́n ìyá wo ló fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rìnlá máa ka ohun tí bàbá rẹ̀ kọ láti òkè ọya nípa ìyàwó tuntun? Ìyá Tíṣà, bí wọ́n ṣe ń pe Mísíìsì Ọ̀ṣínúbi, ni wọ́n máa ń gbé e fún. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣe é: ohun tó bá wà nínú lẹ́tà ni yóò kà. Kò ní fi kún un, kò ní fò ó. Ó ti ka ìròyìn ikú síta lórí àga yẹn, ó ti ka ìwé ìkọ̀sílẹ̀, ó sì ti di ẹni tó ni lẹ́tà lọ́wọ́ mú títí tó fi sunkún tán.

Wákàtí méjì tó ń lò pẹ̀lú wọn yẹn ni gbogbo ayé rẹ̀. Bí wọ́n bá ti lọ, tí ó sì ti ìlẹ̀kùn, kò tún sí ẹni tí yóò pe orúkọ rẹ̀ títí di òwúrọ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í tan ara rẹ̀ jẹ. Ìdí nìyẹn tó fi ń kọ lẹ́tà náà bí ẹni tó ń gbé ẹyin gun àkàbà. Bí ó bá kọ ọ́ kó le jù, wọ́n á bínú, wọn kò sì ní wá mọ́.

Ẹni tó ń bá a tẹ lẹ́tà náà ni Ọ̀gbẹ́ni Lùkúmọ̀n, akọ̀wé ilé-ìwé, ọkùnrin tó ti sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, tó sì ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ìyàwó rẹ̀ jà. Òun ló ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà sítẹ́ńsù, òun náà ni yóò yí i lórí ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ títí yóò fi di ẹ̀dà mẹ́rìnlélọ́gọ́fà. Ó ti ba bébà sítẹ́ńsù mẹ́rin jẹ́ nítorí àtúnṣe ọ̀gá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bébà náà sì wọ́n.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá gbé àtúnkọ karùn-ún wá, Ọ̀gbẹ́ni Lùkúmọ̀n ka ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì yọ gíláàsì.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ìlà yìí."

"Ìlà wo?"

"Èyí tó sọ iye tí ẹ̀yin ń gbà. Ẹ ti sọ tàwọn tíṣà, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ ti sọ owó bébà àti àtúnṣe ẹ̀rọ, ó dáa. Kí ló kan àwọn òbí pẹ̀lú owó oṣù yín?"

"Ó kàn wọ́n," ni Mísíìsì Ọ̀ṣínúbi dáhùn. "Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rò ni pé mo fẹ́ kó owó náà sápò. Bí mo bá sọ ibi tí gbogbo rẹ̀ ń lọ, tí mo wá fi tèmi pamọ́, ṣé mo sọ òótọ́?"

"Òótọ́ náà ní ibi tó ń dúró, mà."

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Lùkúmọ̀n."

Ó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, torí ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, àti nítorí pé àwọn bàbá tó jẹ́ akọ̀wé yóò fojú kéré ilé-ìwé tó bá kọ Yorùbá sí wọn. Bí ayé ṣe rí nìyẹn, ẹ má bi mí. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n pín in fún àwọn ọmọ kí wọ́n gbé e lọ sílé.

Lọ́jọ́ Ajé, kí agogo mẹ́rin tó lù, àga gbọọrọ ti kún. Obìnrin mẹ́sàn-án ni. Inú Mísíìsì Ọ̀ṣínúbi kọ́kọ́ dùn nígbà tó yọjú láti òkè, ó ní wọn kò bínú. Ìgbà tó sọ̀ kalẹ̀ ló rí i pé bébà kan náà ni gbogbo wọn mú lọ́wọ́, pẹ̀lú àmì ilé-ìwé tirẹ̀ lókè.

Àlímọ̀t, ìyá Jíbrílù, ló kọ́kọ́ na tirẹ̀ sí i. Ó ń ta ata gbígbẹ ní Èbúté Èrò. Kò sí ẹni tó ti ń wá sórí àga yẹn pẹ́ tó o. Mísíìsì Ọ̀ṣínúbi ló ti ka gbogbo lẹ́tà tí ọmọ rẹ̀ Jíbrílù, télọ̀ ní Kánò, kọ láti ọdún márùn-ún. Ó mọ ọjọ́ tí Jíbrílù ra ẹ̀rọ ìránṣọ àkọ́kọ́, ó mọ ìgbà tí ó ṣàìsàn, òun ló sì kọ èsì tó fi gbà á níyànjú nígbà tí ó ń yan ìyàwó.

"Ìyá Tíṣà, ẹ bá wa kà á."

"Ìyá Jíbrílù, èmi ni mo kọ ọ́."

"A mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ta ni ká tún gbé e fún?"

"Àdíját ọmọ yín ńkọ́? Ó wà ní kíláàsì kẹta, ó lè kà á fún yín."

Àyìnkẹ́, tó ń ta abọ́ tánganran ní Ìdúmọ̀tà, tí ẹnu rẹ̀ sì mú, ló dáhùn láti ìpẹ̀kun àga. "Ọmọ tí a fẹ́ sanwó fún kọ́ ló yẹ kó ka iye owó fún wa. Ọmọ tèmi kà á fún mi lánàá, ó ní wọ́n ní kí n ra bàtà tuntun fún òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mísíìsì Ọ̀ṣínúbi náà rẹ́rìn-ín, ó sì wọ gíláàsì rẹ̀. Lẹ́tà tí ènìyàn kọ kí wọ́n lè kà á nínú yàrá wọn, níbi tí kò ti ní rí ojú wọn, òun ló wá ń kà sí wọn létí yìí.

Ó bẹ̀rẹ̀. Ó ń sọ ọ́ sí Yorùbá bó ṣe ń lọ. "Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún ìgbẹ́kẹ̀lé tí ẹ ní nínú wa. Mo kọ ìwé yìí láti sọ ohun kan fún yín ní gbangba, kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Láti tààmù tó ń bọ̀, owó ilé-ìwé yóò jẹ́ náírà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Náírà mẹ́fà ni àfikún rẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe owó kékeré nínú ilé tí a ti ń bọ́ ọmọ púpọ̀."

Ẹnì kan mí kanlẹ̀. Ó ń kà lọ.

"Ó yẹ kí ẹ mọ ibi tí ó ń lọ. Nínú náírà mẹ́fà náà, ó ku díẹ̀ kó pé náírà márùn-ún tí yóò lọ sínú owó oṣù àwọn tíṣà mẹ́fà. Wọ́n ń gba náírà márùndínlọ́gọ́rin lóṣù. Yóò di ọgọ́rùn-ún. Bí a kò bá ṣe é, a ó pàdánù wọn, ẹni tí yóò sì fara gbá a ni ọmọ yín. Èyí tó kù wà fún bébà, tàdáwà, àti àtúnṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. A kò fi kún owó ìdánwò, a kò sì ní gba owó mìíràn títí ọdún yóò fi parí. Ẹni tí kò bá lè san án lẹ́ẹ̀kan náà lè san án lẹ́ẹ̀mejì: ìdajì lọ́jọ́ tí a bá wọlé, ìdajì kí tààmù tó dé àárín. Ẹni tí ìyẹn náà bá ni lára, kó wá bá mi fúnra rẹ̀. A kò ní lé ọmọ kankan jáde kí a tó bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀."

Ó dé ìlà yẹn. Ojú rẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, ó bọ́ sí ìsàlẹ̀. "Èmi ni tiyín nítòótọ́, Adéníkẹ́ Ọ̀ṣínúbi, ọ̀gá ilé-ìwé."

"Ẹ fò ó," ni Àyìnkẹ́ wí.

"Kí ni mo fò?"

"Èmi kò mọ̀. Ojú yín fò. A ti jókòó síbí pẹ́ tó láti mọ bí ojú yín ṣe ń rìn."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Obìnrin mẹ́sàn-án ń wò ó. Ó lè purọ́, irọ́ náà kò ní pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan, gbogbo lẹ́tà tó ti kà fún wọn láti gbogbo ọdún yìí wá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè ohun tó yọ kúrò níbẹ̀. Ó padà sí ìlà náà.

"Kò sí kọ́bọ̀ kan nínú àfikún yìí tí yóò kan owó oṣù ọ̀gá ilé-ìwé. Ọgọ́rin náírà ni, kò sì yí padà láti ọdún mẹ́ta."

Àlímọ̀t gbé ọwọ́ lé àyà.

"Ọgọ́rin," ni Àyìnkẹ́ wí, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀. "Tíṣà tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ yín á wá máa gba ọgọ́rùn-ún?"

"Ó ní ọmọ mẹ́rin. Èmi nìkan ni mo wà."

"Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan, ẹ má bínú. Lẹ́tà tí ẹ ń kà fún wa yìí, ṣé ó wà nínú ọgọ́rin náírà yẹn?"

Mísíìsì Ọ̀ṣínúbi rò pé àwàdà ni. "Rárá o. Ìyẹn wà lọ́tọ̀. Ọ̀fẹ́ ni."

Ìdáhùn tó dáa ni lójú rẹ̀. Kò rí i bí àwọn obìnrin náà ṣe wo ara wọn. Wọ́n dìde, wọ́n kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní Ọlọ́run yóò fún un ní ẹ̀mí gígùn, àwọn á sì sanwó náà. Ara rẹ̀ balẹ̀ débi pé ó fi orin ìsìn kùn bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn. Ó tilẹ̀ rò pé òun á sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Lùkúmọ̀n lọ́la pé ṣé ó ti rí i báyìí.

Lọ́jọ́ kejì, ẹnikẹ́ni kò wá. Ó ní bóyá ọjọ́ ọjà ni. Lọ́jọ́ kẹta, kò sí ẹnikẹ́ni. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kan, ó ní ìsinmi Àjíǹde ló dé, kálukú ti lọ sílé. Ṣùgbọ́n àwọn Mùsùlùmí náà kò wá, èwo ni tiwọn nínú Àjíǹde? Ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní agogo mẹ́rin lójoojúmọ́, á nu àga gbọọrọ, á jókòó sórí tirẹ̀, á máa gbọ́ bí àwọn ènìyàn ṣe ń kọjá lójú pópó. Wọ́n ń kí i. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá Tíṣà!" Ìkíni náà kún fún ọ̀wọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n sì ń kọjá.

Tààmù wọlé. Mo sọ fún yín, kò sí ilé-ìwé tí wọ́n ti sanwó báyìí rí ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn tí a ní kí wọ́n san án lẹ́ẹ̀mejì san án lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí tíṣà kan tó lọ. Ọ̀gbẹ́ni Lùkúmọ̀n ń kọ rìsíìtì títí ìka rẹ̀ fi wú, ó sì gbà pé ọ̀gá òun ló mọ̀ jù, òun kò tún ní bá a jiyàn lórí lẹ́tà mọ́.

Ní ọjọ́ kẹrin tí wọ́n wọlé, Àlímọ̀t wá san ti Àdíját. Inú ọ́fíìsì ló wọ̀, kò jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé owó náà kalẹ̀.

"Ẹ dìde, Ìyá Jíbrílù. Ojú yín ti wọ́n jù. Jíbrílù ńkọ́?"

"Alááfíà ni, a dúpẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti bímọ."

Bírò tí Mísíìsì Ọ̀ṣínúbi mú lọ́wọ́ dúró lórí rìsíìtì. "Ó bímọ? Nígbà wo?"

"Yóò tó oṣù kan báyìí. Obìnrin ni. Sàdíátù ni wọ́n sọ ọ́."

"Ó kọ lẹ́tà sí yín?"

"Lẹ́ẹ̀mejì, mà. Wọ́n ti bá mi kà á."

"Ta ló kà á?"

"Àwọn akọ̀wé tó ń jókòó níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Màrínà ni. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá ni wọ́n ń gbà láti kà á, wọ́n ń gba ogún kọ́bọ̀ láti kọ èsì. Gbogbo wa ló ń lọ síbẹ̀ báyìí. Àyìnkẹ́ ló ní ká ṣe bẹ́ẹ̀, a sì fohùn ṣọ̀kan. Ojú tì wá, Ìyá Tíṣà. Láti gbogbo ọdún yìí wá, a ò mọ̀ pé ọgọ́rin náírà lẹ ń gbà, à ń fi iṣẹ́ ọ̀fẹ́ pa yín lójoojúmọ́. Ẹ máa sinmi ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ ti ṣe fún wa tó."

Mísíìsì Ọ̀ṣínúbi lanu. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ kò ju gbólóhùn kékeré mẹ́ta lọ: ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá, mo dá wà. Obìnrin tó kọ ojú ìwé méjì láti ṣàlàyé náírà mẹ́fà kò rí ẹnu fi sọ ọ́. Bó ṣe rí lára rẹ̀ ni pé bí òun bá sọ ọ́, Àlímọ̀t á rò pé ìwà ọmọlúàbí ni, á tún kúnlẹ̀, á tún dúpẹ́. Tàbí kẹ̀, á gbà á gbọ́, àánú á sì ṣe é. Èyí kejì ló burú jù.

"Ẹ bá mi kí Jíbrílù," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Ẹ sọ fún un pé mo yọ̀ gan-an."

"Màá ní kí wọ́n kọ ọ́ sí i, mà," ni Àlímọ̀t wí. Ó gba rìsíìtì rẹ̀, ó sì lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí agogo mẹ́rin lù, kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ó wọ ọ́fíìsì, ó fi bébà sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Àwọn òbí kò bínú sí i, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n lè gbọ́ ohun tó bá sọ fún wọn bí ó bá sọ ọ́ dáadáa. Lọ́tẹ̀ yìí, Yorùbá ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó tẹ déètì. Ó tẹ "Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n." Ó tẹ "Mo bẹ̀ yín, ẹ máa gbé lẹ́tà yín wá bí ti àtijọ́." Ó tẹ "Kì í ṣe wàhálà fún mi. Òun nìkan ni mo ní."

Ó ka ìlà mẹ́ta náà. Wọ́n dáa, kò sí ohun tó fẹ́ pa rẹ́ nínú wọn. Nígbà náà ló rí i lọ́kàn rẹ̀: Àlímọ̀t, Àyìnkẹ́ àti gbogbo àwọn yòókù, tí wọ́n tò níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Màrínà, tí kálukú mú ẹ̀dà lẹ́tà yìí àti kọ́bọ̀ mẹ́wàá lọ́wọ́, tí ọkùnrin kan tí kò mọ̀ ọ́n rí sì ń kà á sókè fún wọn lójú pópó. Ó yọ bébà náà kúrò nínú ẹ̀rọ, ó ká a sí mẹ́rin, ó sì jókòó sójú kan náà títí wọ́n fi pe ìrun àṣálẹ́ ní mọ́ṣáláṣí.